Ilẹ̀kùn ìta ráútà: bí a ṣe ń tì í, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tì

Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìbàdàn, mo jókòó sí pálọ̀, mo pa Wáì-fáì fóònù mi, mo tan dátà, mo sì tẹ nọ́ńbà íńtánẹ́ẹ̀tì ilé náà sínú bùráúsà. Kò pẹ́ rárá tí àpótí kékeré kan fi yọ sí mi, ó ń bi mí ní orúkọ àti páásìwọọ̀dù. Mo tẹ `admin` sí ibi méjèèjì. Ojú ewé tí wọ́n fi ń ṣàkóso ráútà ṣí gbayawu. Orúkọ Wáì-fáì wọn wà níbẹ̀, páásìwọọ̀dù Wáì-fáì náà wà níbẹ̀ láìbò, orúkọ fóònù àwọn ọmọ sì tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ohun tí mo ń ṣe, wọ́n ní, "Ṣebí inú ilé lo wà. Ṣé kò yẹ kó ṣí fún ọ ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi wà nínú ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù mi ò sí nínú ilé. Dátà síìmù mi ni mo lò, ọ̀nà ilé iṣẹ́ fóònù ni mo gbà jáde sí ìgboro kí n tó yí padà wá kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó jókòó sí Kánò tàbí Ṣáínà tó bá tẹ nọ́ńbà kan náà, ohun tí mo rí ni òun náà máa rí.

Ráútà ní ojú méjì. Ọ̀kan kọjú sí inú ilé, níbi tí fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà wa wà. `LAN` ni wọ́n ń kọ sí i lójú ewé ráútà. Èkejì kọjú sí ìta, sí ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa àti sí gbogbo ayé tó wà lẹ́yìn wọn. Ìyẹn ni `WAN`. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti inú ilé ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, irú bíi `192.168.0.1` tàbí `192.168.1.1`, tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí abẹ́ ráútà. Nọ́ńbà yẹn kì í jáde kúrò nínú ọgbà. Àìmọye ilé ló ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ní pàdé, bí gbogbo ilé ṣe ní ibi tí wọ́n ń pè ní pálọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣìnà wọ pálọ̀ ẹlòmíràn. Ti ìta ni ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún ráútà, òun ni ayé fi mọ ilé náà. N ò ní kọ ti ẹ̀gbọ́n mi síbí. `203.0.113.45` ni mo máa fi rọ́pò rẹ̀; wọ́n ti ya nọ́ńbà yẹn sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ inú ìwé, kì í ṣe ti ilé ẹnì kankan.

Ojú ewé ìṣàkóso, níbi tí a ti ń yí páásìwọọ̀dù Wáì-fáì padà, lè máa dáhùn sí ojú inú ilé nìkan, ó sì lè máa dáhùn sí ojú méjèèjì. `Remote Management` ni orúkọ tí púpọ̀ nínú wọn fún ohun tó ń pinnu èyí. Bó bá wà ní títì, ẹni tó wà nínú ilé nìkan ló lè débẹ̀. Bó bá wà ní ṣíṣí, ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà ìta lọ́wọ́ á bá páásìwọọ̀dù níwájú, kò sì sí ohun mìíràn tó máa dá a dúró. Ṣùgbọ́n títì í ò pa íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, kò sì sọ pé kí ẹ má wo fídíò tàbí kí ẹ má fi Wáí-fáì ṣiṣẹ́. Ìbẹ̀rù yìí wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Ẹnjiníà tó wá fa íńtánẹ́ẹ̀tì sílé náà ló ṣí i. Nígbà tí a pè é lórí fóònù, kò jiyàn. Ó ní òun ṣí i kí òun lè máa tún nǹkan ṣe láti ilé òun, kí wọ́n má baà máa san owó ọkọ̀ fún òun ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti da nẹ́tíwọ́ọ̀kì rú. Èrò rẹ̀ dára. Ohun tí kò rò ni pé ilẹ̀kùn náà ò dá ojú òun mọ̀ yàtọ̀ sí ojú ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi tún ní, "Ta ló mọ̀ mí? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ráútà mi ṣe?" Ní tòótọ́, kò sẹ́ni tó ní láti mọ̀ wọ́n. Nọ́ńbà ìta irú èyí tó wà lágbàáyé kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Míṣígàn gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní ZMap, wọ́n sì fi hàn pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára lè kan ilẹ̀kùn gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí kí ìṣẹ́jú 45 tó pé. Ẹni tó bá ń wá ráútà kì í wá ti ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ráútà ló ń wá, ti ẹ̀gbọ́n mi á sì wà lára èyí tó bá dá a lóhùn.

Ní ti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bùràsíìlì láàárín 2011 sí 2012. Àwọn ọ̀daràn rí àbùkù kan nínú àwọn mọ́dẹ́ẹ̀mù kan tó pọ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn nọ́ńbà kan tẹ̀lé òmíràn títí tí mọ́dẹ́ẹ̀mù tí ọ̀rọ̀ náà kàn fi tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.5. Ohun tí wọ́n ń yí padà nínú rẹ̀ kéré: nọ́ńbà `DNS`. `DNS` ni ẹni tí fóònù wa máa ń bi pé, "Báǹkì báyìí, níbo ni ilé rẹ̀ wà?" kó tó lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti fi ẹni tiwọn rọ́pò ẹni yẹn, ẹni náà ń tọ́ka ilé èké fún gbogbo ará ilé, tàbí kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ètò burúkú kan sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn onílé tẹ orúkọ tó tọ̀nà, ibi tí kò tọ̀nà ni wọ́n sì dé. Ohun tó sì yẹ ká ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé àbùkù ọ̀hún ló ń tú páásìwọọ̀dù mọ́dẹ́ẹ̀mù lé wọn lọ́wọ́, nítorí náà bí páásìwọọ̀dù náà ti le tó ò ran onílé lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbà fún ẹni tó bá ní, "Mo ti fi páásìwọọ̀dù tó le sí i, ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí." Páásìwọọ̀dù dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí kò sí rárá ni wọn ò lè já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ó wá kan títì í. Ráútà ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ TP-Link àtijọ́, irú èyí tó ṣì pọ̀ nílé wa, tí orí ojú ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Mo dá Wáì-fáì fóònù mi padà kí n lè wà nínú ilé ní tòótọ́, mo tẹ `http://192.168.0.1`, mo wọlé, mo lọ sí `Security` ní apá òsì, mo sì tẹ `Remote Management` lábẹ́ rẹ̀. Kò sí bọ́tìnì tí wọ́n kọ "ṣí" tàbí "tì" sí níbẹ̀. Àpótí méjì péré ló wà, `Web Management Port` àti `Remote Management IP Address`. Nínú àkọ́kọ́ a bá `80`, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí a ń gbà wọlé, tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù. Nínú èkejì a bá `255.255.255.255`.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àpótí kejì ń béèrè pé nọ́ńbà ta ni kí òun gbà láyè láti ìta. Lórí ráútà yìí, `255.255.255.255` túmọ̀ sí "gbogbo ayé pátá", `0.0.0.0` sì túmọ̀ sí "kò sẹ́nì kankan", ìyẹn ni pé ó tì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, fò dìde pé kí n má tẹ `0.0.0.0` o, pé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn, òdo mẹ́rin yẹn ló ń túmọ̀ sí gbogbo ènìyàn. Kò parọ́. Bí ẹ bá ń gbé ètò kan kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ sì ní kó máa gbọ́ lórí `0.0.0.0`, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà ló máa gbọ́ lé. Ṣùgbọ́n ibòmíràn nìyẹn. Nínú àpótí ráútà yìí, ẹni tó ní ìmọ̀ díẹ̀ ló rọrùn jù fún láti ṣí ohun tó rò pé òun ń tì. Bó bá ń ṣe yín bíi pé kò dá yín lójú, ẹ ka àlàyé tó wà lápá ọ̀tún ojú ewé náà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ohun tí nọ́ńbà méjèèjì ń ṣe. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí:

```
Web Management Port: 80
Remote Management IP Address: 0.0.0.0
```

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tẹ `Save`. Mo ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ nítorí ó pọ̀ tí mo ti rí ènìyàn tó yí nọ́ńbà, tó kúrò lójú ewé náà, tó sì gbà pé ó ti parí.

Ẹnjiníà náà bi mí lórí fóònù pé ṣé a ò lè fi nọ́ńbà tòun nìkan síbẹ̀, kó má ṣí fún ẹlòmíràn. Àpótí náà gbà á. Ṣùgbọ́n dátà síìmù ni òun ń lò nílé, nọ́ńbà dátà síìmù sì máa ń yí padà, bí ó bá sì yí, òun náà ò ní lè wọlé mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ilé iṣẹ́ fóònù máa ń kó sábẹ́ nọ́ńbà ìta kan ṣoṣo, nítorí náà kì í ṣe òun nìkan ni nọ́ńbà yẹn máa jẹ́ kó wọlé. Ẹni tó bá sì ní kí n fi pọ́ọ̀tù `80` pamọ́ kí n lo `8080` tàbí òmíràn dípò rẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé ilẹ̀kùn ni a gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn, a ò tì í. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn máa ń kan ti ẹ̀gbẹ́ náà.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, a yí páásìwọọ̀dù `admin` padà ní `System Tools`, lábẹ́ `Password`. A tún wo nọ́ńbà `DNS`, nítorí ilẹ̀kùn tó ti wà ní ṣíṣí tipẹ́, ẹ ò mọ ẹni tó ti wọlé. Ibi méjì ni ẹ ó wò: ojú ewé `Status`, ní abẹ́ `WAN`, àti `DHCP Settings`. Tí ẹ bá rí `8.8.8.8` tàbí `1.1.1.1`, gbajúmọ̀ ni wọ́n, ti Google ni àkọ́kọ́, ti Cloudflare ni èkejì. Tí ẹ bá rí òmíràn, ẹ pe ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ ka nọ́ńbà náà sí wọn létí, kí ẹ bi wọ́n bóyá tiwọn ni. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ti ilé iṣẹ́ wọn, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ká ní kì í ṣe tiwọn ni, n ò ní fi mọ sí yíyí nọ́ńbà padà. Mo máa ní ká fi `Reset` dá ráútà padà sí bí ó ṣe rí nígbà tó jáde láti ilé iṣẹ́, ká tún fi ètò rẹ̀ tuntun sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ `Reset` yẹn láìkọ́kọ́ kọ orúkọ àti páásìwọọ̀dù tí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín sílẹ̀, bí ìlà yín bá jẹ́ irú tó ń lo `PPPoE`, nítorí ó máa pa wọ́n rẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì á sì lọ.

A ti tì í. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rí i fúnra wọn. Wọ́n mú fóònù tiwọn, wọ́n tẹ `203.0.113.45`, àpótí páásìwọọ̀dù sì tún yọ! Wọ́n wò mí bíi pé mo ti tàn wọ́n jẹ.

Wáì-fáì ilé ni fóònù wọn wà lórí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ẹni tó wà nínú ilé bá pe nọ́ńbà ìta ilé ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ ráútà máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní láti jáde, wọ́n á yí i padà sínú ilé, wọ́n á sì dáhùn bíi pé `192.168.0.1` lẹ tẹ̀. Ráútà mọ̀ pé inú ilé lẹ ti wá. Ó dà bí ìgbà tí ẹ dúró nínú yàrá tí ẹ ń pe ara yín lórúkọ, ohùn yín ni ẹ máa gbọ́, kì í ṣe ti àlejò. Nítorí náà ohunkóhun tí ẹ bá rí láti orí Wáì-fáì ilé ò sọ nǹkan kan fún yín nípa ìta, bóyá ó ṣí ni o, bóyá kò ṣí ni o. Mo ti rí ẹni tó tìtorí èyí pariwo kiri pé ráútà òun ti bàjẹ́.

Bí a ṣe ń dán an wò dáadáa nìyí. Láti inú ilé, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà ní abẹ́ `WAN` ní ojú ewé `Status` sílẹ̀. Ẹ pa Wáì-fáì fóònù, ẹ tan dátà. Ẹ kọ `http://` síwájú nọ́ńbà náà ní kíkún, nítorí bùráúsà ìsinsìnyí máa ń fẹ́ fi `https` rọ́pò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdáhùn á sì dàrú mọ́ yín lójú. Bí ẹ bá bá pọ́ọ̀tù mìíràn nínú àpótí àkọ́kọ́ kí ẹ tó tì í, ẹ fi í kún un lẹ́yìn àmì kólọ̀nù:

```
http://203.0.113.45
http://203.0.113.45:8080
```

Ẹ dúró. Nígbà tí a ṣe é pẹ̀lú fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ìlà búlúù orí bùráúsà rìn díẹ̀, ó dúró, ó kàn ń yí. A ka tó ìdajì ìṣẹ́jú kan kí Chrome tó sọ pé òun ò rí ojú ewé náà, tó sì kọ `ERR_CONNECTION_TIMED_OUT` sísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé a kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lórí ráútà mìíràn, ẹ lè rí `ERR_CONNECTION_REFUSED` lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n dáhùn, wọ́n sì ní rárá. Èyí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ó tì. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yọ ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè páásìwọọ̀dù. Bó bá jẹ́ ráútà tó ń lo síìmù ni tiyín, ẹ fi síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn dán an wò, kí ẹ lè wá láti ìta pátápátá.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbà. Ó tẹ `http://203.0.113.45:81` lórí dátà tirẹ̀, ojú ewé kan sì yọ tó ń béèrè páásìwọọ̀dù. "Ẹ ò tíì tì í tán," bó ṣe wí nìyẹn.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ewé náà kì í ṣe ti ráútà. Ti àpótí tó ń ká fídíò kámẹ́rà ìta ilé sílẹ̀ ni. Ẹnjiníà kan náà ló ti sọ fún ráútà ní `Forwarding`, lábẹ́ `Virtual Servers`, pé ẹni tó bá kan pọ́ọ̀tù `81` láti ìta, kó mú un lọ sọ́dọ̀ kámẹ́rà. `Remote Management` ò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ojú ewé ráútà nìkan ló ń tì, kì í ti ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín tọ́ka ọ̀nà fún. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó ìwé kan fúnra rẹ̀, n ò ní wọ inú rẹ̀ níbí. Ní ti ilé yẹn, a pa ìlà náà rẹ́, nítorí áàpù kámẹ́rà ni wọ́n fi ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó ń lo pọ́ọ̀tù `81` mọ́. Tí ẹ bá ń dán tiyín wò tí ojú ewé kan yọ, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tàbí àmì tó wà lórí rẹ̀. Bí kò bá jọ ojú ewé ráútà yín, `Virtual Servers`, `Port Forwarding` tàbí `DMZ` ni kí ẹ lọ wò.

Ilẹ̀kùn kan tún wà tí `Remote Management` kì í tì, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín dá wàhálà sílẹ̀. `TR-069` ni wọ́n ń pè é, ibòmíràn ń kọ `CWMP`. Ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lò ó láti fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí ráútà tí wọ́n fún yín, pọ́ọ̀tù `7547` ni wọ́n sì sábà máa ń gbà. Ní ìparí oṣù kọkànlá 2016, ẹnì kan ń fi àwọn ẹ̀rọ tó ti gbà kan pọ́ọ̀tù yẹn káàkiri ayé, ó ń wá ẹ̀rọ sí i. Ìkànkùn yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà Deutsche Telekom ní Jẹ́mánì. Ráútà wọn ò gba ohun tó rán sí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dákú, nǹkan bíi 900,000 oníbàárà sì wà láìní íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù ilé. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, ọ̀nà náà já sí itòsí wa: ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni, tí wọ́n ti sanwó fún pé kó da nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ fóònù kan ní Làìbéríà rú. Ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹ̀wọ̀n oṣù 32 fún un ní oṣù kìíní 2019.

Bí ráútà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má pa `TR-069` fúnra yín láìkọ́kọ́ bi wọ́n. Òun ni wọ́n fi ń tún àbùkù ráútà náà ṣe, àwọn ló sì yẹ kó rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn nìkan ló ń dáhùn sí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fowó yín ra ráútà, tí ẹ sì rí `TR-069` tàbí `CWMP` ní títàn, ẹ lè pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra tiwọn, kò tilẹ̀ sí i lójú ewé rẹ̀.

Áàpù fóònù náà yàtọ̀. Bí ẹ bá ń fi áàpù Tether ṣàkóso TP-Link tuntun láti ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe pé fóònù yín ń kan ilẹ̀kùn ìta. Ráútà fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ bá kọ̀ǹpútà TP-Link, fóònù yín náà lọ síbẹ̀, wọ́n sì pàdé níbẹ̀. Nítorí náà `Remote Management` lè wà ní títì kí áàpù sì máa ṣiṣẹ́. Ohun tó dáàbò bo tiyín níbẹ̀ ni páásìwọọ̀dù àkáǹtì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ASUS: bí ẹ bá gba áàpù rẹ̀ láyè láti máa ṣàkóso láti ọ̀nà jíjìn, áàpù náà máa ṣí ilẹ̀kùn ìta fúnra rẹ̀. Ẹni tó tì í ní oṣù tó kọjá lè tipa bẹ́ẹ̀ bá a ní ṣíṣí lónìí.

Orúkọ ibi tí ẹ ó ti tì í yàtọ̀ láti ráútà sí ráútà. Lórí TP-Link tuntun, `Advanced`, `System`, `Administration` ni, àmì tí ẹ ó mú kúrò sì wà ní `Remote Management`. ASUS kọ ọ́ sí `Administration`, lábẹ́ `System`, ó ń pè é ní `Enable Web Access from WAN`. `No` ni kí ó wà. Ti Netgear wà ní `Advanced Setup`, `Remote Management`. Lórí àpótí fáíbà Huawei, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ pé kí kọ̀ǹpútà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ `WAN` lè wọlé nípasẹ̀ `HTTP`, kí ẹ sì mú àmì kúrò níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá kò ju `Remote` tàbí `WAN` lọ, ẹ̀gbẹ́ `Security` tàbí `Administration` ló sì sábà máa ń wà.

Àwọn kan á ti ṣe gbogbo èyí kí wọ́n tó rí i pé nọ́ńbà `WAN` wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `10.`, tàbí pé ó wà láàárín `100.64` sí `100.127`. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ti kó yín pọ̀ mọ́ àwọn oníbàárà mìíràn sẹ́yìn nọ́ńbà ìta kan ṣoṣo. Starlink máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oníbàárà, ó sì wọ́pọ̀ lórí ráútà tó ń lo síìmù. Ẹni tó wà ní Ṣáínà ò lè kan ilẹ̀kùn yín ní tààrà nígbà náà, ìdánwò dátà yín ò sì ní rí nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé `Remote Management` wà ní ṣíṣí. Ẹ tì í síbẹ̀. Àwọn oníbàárà tí ẹ jọ wà lẹ́yìn nọ́ńbà kan náà lè wà nítòsí tó láti kàn án, bí ilé iṣẹ́ náà ò bá fi ògiri sáàárín yín, ọjọ́ tí ẹ bá sì ra ìlà tó ní nọ́ńbà ìta tirẹ̀, ráútà yín ò ní rántí láti ti ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnjiníà. Àdéhùn tí a bá a ṣe ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ó máa pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò WhatsApp, ọmọ náà á jókòó ti ráútà, á máa tẹ ohun tó bá sọ. Bí iṣẹ́ náà bá gùn, ọmọ á ṣí AnyDesk, ètò tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn lo kọ̀ǹpútà ẹni láti ọ̀nà jíjìn, lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ẹnjiníà á wọlé gba ibẹ̀ dé `192.168.0.1`, wọ́n á sì pa á nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n ti lo ti fídíò WhatsApp lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí wọ́n ní láti tún orúkọ `PPPoE` tẹ̀, kò sì gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ nọ́ńbà ìta ilé wọn sẹ́yìn káàdì kan, wọ́n fi sínú pọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹnjiníà náà parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ọjà Dùgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Wọ́n tẹ nọ́ńbà náà níbẹ̀ lórí dátà, wọ́n dúró títí ó fi parí yíyí, wọ́n sì pè mí: "Kò ṣí o. `TIMED OUT` ló kọ."